Kóró Iṣin Tí A Fi Ń Sọ Pé A Kò Mọ̀

Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣètò láyé mi, gbogbo ẹni tó ṣe é ló gba máàkì pérépéré. Obìnrin méjìdínlógún, ìbéèrè mẹ́wàá, kò sí ẹnì kan tó ṣi ẹyọ kan. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń lọ sílé. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni mo fìdí rẹmi.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni, ní Kábà, nígbà tí ìjọba Àríwá ṣì ń bójú tó wa. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, aṣọ funfun mi le gbagidi fún sítáàṣì, orí mi sì le jù ú lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé èmi àti nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́wọ́: ká kó àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí ní ìlú àti abúlé jọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká kọ́ wọn bí a ṣe ń gbẹ̀bí ní ìmọ́tótó. Dókítà òyìnbó tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn agbègbè wa gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan dè é. Ó ní ká béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ kí a tó kọ́ wọn, ká tún béèrè lẹ́yìn tí a bá kọ́ wọn tán, kí òun lè fi ojú ara òun rí ohun tí ẹ̀kọ́ náà fi kún ìmọ̀ wọn. Bí òun bá rí i, a ó lọ ṣe irú rẹ̀ ní Ìkòyí lápá Ìjùmú, a ó sì tún ṣe é ní Ponyan. Bí òun kò bá rí nǹkan kan, ó parí nìyẹn, òun yóò fi owó ẹ̀kọ́ náà tún òrùlé ilé oògùn ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrùlé lójú mi. Ìyá mi bí ọmọbìnrin kan lé mi. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹnu ọmọ náà dì, kò lè mu ọmú mọ́, ara rẹ̀ gan bí igi. Kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyá tó gbẹ̀bí rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Abẹ tó ń lò fún gbogbo ọmọ ló fi gé ìwọ́ rẹ̀, ó sì fi eérú lé e gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo tó mọ̀ pé ìdọ̀tí ara abẹ àti eérú yẹn ló pa á. Mo sunkún lọ́jọ́ náà nínú kíláàsì, wọ́n rò pé inú ló ń run mí. Nítorí náà, nígbà tí dókítà ní òun lè dá ẹ̀kọ́ náà dúró, ẹ̀rù bà mí gidi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti yẹ. Mo kọ ìbéèrè mẹ́wàá. Èkíní: Ṣé ó yẹ kí a se abẹ nínú omi kí a tó fi gé ìwọ́ ọmọ? Èkejì: Ṣé ó dára kí agbẹ̀bí fi ọṣẹ fọ ọwọ́? Ẹ̀kẹta: Ṣé eérú lè ṣe ìdodo ọmọ ní ibi? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ lọ dé ìkẹwàá. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ìyá náà wá fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí a ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kó wọn jókòó sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, mo dúró níwájú, mo ń ka ìbéèrè, mo ní kí ẹni tó bá gbà na ọwọ́ sókè.

Ìyá kan wà láàárín wọn, òun ló dàgbà jù. Ó ti gbẹ̀bí ìyá, ó ti gbẹ̀bí ọmọ, ó sì ti ń gbẹ̀bí ọmọ-ọmọ. Iwájú ni wọ́n gbé e jókòó sí. Bí mo bá ka ìbéèrè tán, ọwọ́ rẹ̀ a lọ sókè, ọwọ́ mẹ́tàdínlógún a sì tẹ̀ lé e. Mo rí i o. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀kọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni mo mú ìwé náà lọ fún dókítà. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá ti mọ gbogbo èyí, kí la fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn? Bí wọn kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí ni ìwé rẹ yìí wọ̀n?"

Ó ní bí ó bá jẹ́ ibi mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni a ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni tún lè gùn dé, kódà bí a kọ́ wọn fún ọdún kan. Ó ní kí n lọ tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo bínú. Mo bínú sí dókítà, mo bínú sí àwọn ìyá náà pé wọ́n parọ́ fún mi, mo sì gba ilé ìyá àgbà náà lọ láti lọ sọ ọ́ sí i lójú. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

Ó kí mi bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, "Okun o, ọmọ mi."

Mo kúnlẹ̀. Bí inú ṣe ń bí mi tó, eékún mi ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Okun, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń se abẹ yín?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde wọlé. Ó mú ewé gbígbẹ kan jáde láti inú ihò ògiri, ó tú u. Abẹ kan wà nínú rẹ̀, etí rẹ̀ ń dán, ara rẹ̀ ti dípẹtà. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ tìdùnnú-tìdùnnú. Ó ní ọdún kejìlá rèé tí òun ti ń lò ó, òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fá irun.

Mo ní, "Ìyá, ṣùgbọ́n ẹ nawọ́ pé ó yẹ ká máa sè é."

Ó ní, "Ta ló fi ìdáhùn sínú ìbéèrè? Ṣé èmi ni? Ìwọ lo wọ aṣọ funfun, ìwọ lo béèrè pé ṣé ó yẹ. Àlejò ò ní béèrè bóyá oúnjẹ tí òun gbé wá dára kí n ní ó tì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ǹjẹ́ o mọ̀ pé dùbágàrí ti dé ibí lóṣù tó kọjá?"

Dùbágàrí ni a ń pe wolé-wolé ìjọba, àwọn tó máa ń yọjú sínú ìkòkò omi tí wọ́n sì máa ń mú ẹni tí wọ́n bá bá kòkòrò nínú omi rẹ̀ lọ sí kóòtù. Àwọn náà máa ń béèrè: ṣé ẹ ń bo omi yín? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè rìn kọjá. Ẹni tó bá ní rárá, ó di dandan kó rí kóòtù. Gbogbo wọn ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìyẹn ṣáájú tèmi.

Mo ní, "Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Bí mo bá gbé ọwọ́ mi sókè, ta ni nínú wọn tó máa fi tirẹ̀ sílẹ̀? Ọmọ wo ló máa dúró níwájú ayé sọ pé ìyá òun ò mọ̀ ọ́n?" Ó gba abẹ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń dì í padà sínú ewé. "Bó o bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe, má bi mí léèrè bóyá ó yẹ. Ní kí n ṣe é kí o rí i. Má sì pe gbogbo ìlú wá wòran."

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, wọ́n ní. Ó yẹ kí n ti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ lẹ́tà kan sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, èmi àti ẹgbẹ́ mi jókòó, a ya ìwé àkọ́kọ́ dànù. A rán ọmọlangidi kan pẹ̀lú aṣọ, a fi okùn aṣọ ṣe ìwọ́ rẹ̀. A kó nǹkan jọ sórí ẹní: abẹ tó dípẹtà, abẹ tuntun, òwú, epo, eérú, ọṣẹ, aṣọ mímọ́, aṣọ ìdọ̀tí, ìkòkò omi. Ìbéèrè mẹ́sàn-án la kọ, kò sì sí ṣé ó yẹ mọ́. A kàn máa ní: Ọmọ ti dé, ìwọ́ rèé, ẹ mú ohun tí ẹ ó lò, ẹ ṣe é kí n rí i. Ibi tí kò bá ṣeé fi ọwọ́ ṣe, bí iye àkókò tí abẹ yóò fi wà nínú omi tó ń hó, a ó ní: Ẹ sọ fún mi bí ẹ ti ń ṣe é nílé.

Èmi ni mo ní ká fi kóró iṣin sí i. Gbogbo wa la mọ kóró iṣin, dúdú tó ń dán yẹn. A ó fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí ìbéèrè bá dé tí kò mọ̀, kò ní láti fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Kó kàn gbé kóró kan kalẹ̀ sórí ẹní, kò sí ẹni tó máa bá a wí. Mo rò ó pé ẹnu àgbàlagbà lè wúwo láti sọ mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ fúyẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, a gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Bùkún, ní ilẹ̀ Bùnù, a dán ìbéèrè náà wò lára àwọn agbẹ̀bí mẹ́fà tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ wa. Ọpẹ́ ni pé a lọ. Ìbéèrè kan da méjì pọ̀: kí lẹ fi ń so ìwọ́, kí lẹ sì ń fi sí i? Wọ́n á dáhùn ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé ìkejì, àwa ò sì ní mọ èyí tí a ó fún ní máàkì. A pín in sí méjì. Òmíràn wà tí gbogbo wọn mọ̀ láìkù ẹnì kan, pé kí a fi aṣọ bo ọmọ kí òtútù má baà mú un. A yọ ọ́ kúrò, nítorí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ kò lè fi ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ hàn. A sì yọ èyí tó dá lórí ohun tí a kò tilẹ̀ ní í kọ́ wọn. Ó ku mẹ́jọ. Kí a tó kúrò, mo bẹ àwọn ìyá Òkè-Bùkún pé a ó tún padà wá bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àwọn tí a kò kọ́ bá gòkè bíi ti àwọn tí a kọ́, a jẹ́ pé ìbéèrè wa ló ń kọ́ wọn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a fi ẹní gbé yàrá kékeré kan dúró ní igun gbọ̀ngàn. Ẹnì kan wọlé, ẹnì kan jáde, ẹni tó bá jáde kò padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró. Èmi nìkan ni mo ń béèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń sọ fún gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá ṣì í, n kò fajú ro. Bó bá gbà á, n kò rẹ́rìn-ín. N kò sì sọ ìdáhùn fún ẹnikẹ́ni. Mo ya àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sára àpáàdì fún kálukú, kí n lè fi máàkì rẹ̀ ìsinsìnyí wé èyí tí yóò gbà nígbà tó bá yá.

Ọ̀pọ̀ wọn gba méjì tàbí mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Ìyá àgbà gba mẹ́rin, kò sí ẹni tó jù ú lọ. Kò fọwọ́ kan kóró iṣin rẹ̀ rárá. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ìdajì ohun tó mọ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wo ìwé náà, inú mi dùn pé wọn ò mọ̀. Kíá ni ojú tún tì mí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi nínú.

A kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. A se abẹ, a se òwú, a so ìwọ́ lójú méjì kí a tó gé àárín, a fi ìdodo sílẹ̀ láìfi nǹkan kan lé e. A tún kọ́ wọn ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n jáwọ́ kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi.

Nígbà tí a parí, a tún gbé ẹní dúró. Ọmọlangidi kan náà, ìbéèrè kan náà, èmi kan náà. Máàkì àwọn ìyá náà fò sókè: mẹ́fà, méje, mẹ́fà, mẹ́jọ. A lọ sí Òkè-Bùkún, àwọn mẹ́fà yẹn wà níbi tí wọ́n wà; ọ̀kan fi ẹyọ kan gòkè, ọ̀kan fi ẹyọ kan wálẹ̀. Ayọ̀ mi ìbá kún, bí kì í bá ṣe ti ìyá àgbà.

Nígbà tó kàn án, ó ṣe ìbéèrè mẹ́rin dáadáa. Nígbà tó di ti ìkarùn-ún, ó gbé kóró iṣin kan kalẹ̀. Ìkẹfà, kóró. Ìkeje, kóró. Ìkẹjọ ni ti ìgbà tó yẹ kéèyàn ránṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ ó ti sọ fún mi tìgboyà-tìgboyà pé òun kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé kóró kẹrin kalẹ̀.

Mo gbàgbé ara mi. Mo ní, "Ìyá, a kọ́ yín ní gbogbo èyí!"

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ọwọ́ mi ṣe é lára ọmọ ènìyàn. Ohun tí ọwọ́ mi ò tíì mọ̀, mi ò ní sọ pé mo mọ̀ ọ́n."

Mẹ́rin ṣáájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ló sì wà lókè pátápátá nínú ìwé, nítorí òun ni àgbà. Ẹgbẹ́ mi ní kí n kàn sọ mẹ́rin di méje, pé ta ló máa mọ̀? Mo di gègé mú, n kò ní purọ́ fún yín. Mo rántí àbúrò mi. Mo rántí Ìkòyí àti Ponyan. Lẹ́yìn náà mo rántí ìwé àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn ti gba mẹ́wàá, mo sì gbé gègé sílẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rù ló rí. Dókítà fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹni tó dàgbà jù, tí gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé, kò kọ́ nǹkan kan."

Mo ní ìwé mi ló jẹ̀bi, kì í ṣe ìyá. Mo ti fún ẹni tó ṣì í ní òdo, mo sì fún ẹni tó ní òun ò mọ̀ ní òdo, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo fa ìlà sínú ìwé náà lójú rẹ̀, mo pín in sí mẹ́ta: ó gbà á, ó ṣì í, kò mọ̀. Ti ìyá àgbà ṣáájú: mẹ́rin, mẹ́rin, òdo. Ti ẹ̀yìn: mẹ́rin, òdo, mẹ́rin. Mo ní, "Sà, irọ́ mẹ́rin ló ti jáde lórí rẹ̀."

Dókítà tún ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní àwọn yòókù ti gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn mọ̀ lónìí lè ti fò lọ lọ́la. Ó ní ká tún bi wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun á wá pinnu. Mo bọ́ síta, n kò mọ̀ bóyá kí n jó tàbí kí n sunkún.

Oṣù mẹ́ta náà kò tíì pé. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wà ní ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó. Ó ní ìyàwó òun ti ń rọbí láti àná, ìyá àgbà ló wà pẹ̀lú rẹ̀, ìyá náà ló sì rán òun sí mi. Mo bi í pé kí ni ìyá ní kó sọ. Ó ní kò ní kí òun sọ nǹkan kan. Ewé ló fi lé mi lọ́wọ́.

Mo tú u. Kóró iṣin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe gbé àpò mi. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn wà nílẹ̀, Ọlọ́run ló ṣe é. A bá obìnrin náà láàyè, apá ọmọ ló ti ṣáájú jáde. Ìyá àgbà kò fà á, kò tẹ inú obìnrin náà, ó kàn jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. A gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà fúnra rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin ni. Ìyá àgbà ló so ìwọ́ rẹ̀ lójú méjì pẹ̀lú òwú tí a ti sè, dókítà sì dúró tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, a tún bi wọ́n. Díẹ̀ nínú wọn ti gbàgbé ohun kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì di tiwọn mú. Ìyá àgbà gba méje, ó sì gbé kóró kan kalẹ̀. Dókítà fọwọ́ sí Ìkòyí, ó fọwọ́ sí Ponyan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a má ṣe gbàgbé kóró iṣin.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejọ lẹ́yìn ìbí ọmọ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mo lọ sí ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, mo fi ìka kan ẹnu rẹ̀, ó sì là á gbàgà, ó ń wá ọmú. Mo rò ó pé bí ẹnì kan bá ti gbé kóró iṣin kan fún ìyá tó gbẹ̀bí àbúrò mi, bóyá òun náà ìbá ti ránṣẹ́. Ìyá àgbà rí omi lójú mi, ó bi mí pé kí ló dé.

Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ̀."

Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀," ó sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi.